Ta Ló Ń Retí Mi Láàárọ̀ Yìí?

Kí èmi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé wa ti ní òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan. Ọkọ mi jù mí lọ, òun ló sì kọ́kọ́ kan gbèdéke iṣẹ́ ìjọba: ọdún 60 lókè eèpẹ̀ tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Ọ́fíìsì ìṣirò owó ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Ní ti owó, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ilé tiwa là ń gbé ní Àpákẹ̀, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ìwé iṣẹ́ rẹ̀, láti orí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ títí dé orí ìwé ìgbéga tó gbà kẹ́yìn, ló wà létòlétò nínú fáìlì kan. Àwọn ọmọ ti jáde ilé ìwé. Ó ní oko kaṣú lọ́nà Ìrẹsàadú. Bí wọ́n bá ní kí n nawọ́ sí ẹni tó múra sílẹ̀ de ìfẹ̀yìntì nígbà náà, òun ni ǹ bá nawọ́ sí.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́ dùn. Ó sùn, ó lọ kí àwọn ẹbí tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí òkú tí wọ́n sin tàbí ìyàwó tí wọ́n gbé tí kò dé ibẹ̀. Nígbà tó yá ni nǹkan yí padà. Yóò jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ bó ṣe ń jí tẹ́lẹ̀, yóò wẹ̀, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, yóò wá jókòó sí fàràńdà, yóò máa wo àwọn tó ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Bó bá di aago mẹ́sàn-án, ó ti béèrè aago lọ́wọ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà, aago sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ ò ní àkókò mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé ìdáná wá wo bí gáàsì ṣe kù sí. Ó bá ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa jà nítorí gílóòbù tó tàn lójú mọmọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti fóònù. Kò jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀ rí, nítorí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, láti ìdájí làwọn ará ọ́fíìsì ti ń pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo wà ní wọ́ọ̀dù, ó pè mí, ó ní, “Ìyá wa, jọ̀ọ́, pè mí padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yìí ṣì ń dún.” Mo pè é padà. Mo ní, “Dádì, ó ń dún o.” Ó ní ó dáa. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá dùn sí ohunkóhun mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun rẹ̀ já, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀, tó ń sọ pé òun ò wúlò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ tàbí kó ní ọjọ́ ogbó ni. Àìsàn ni ìyẹn lè jẹ́, dókítà ló sì yẹ kó rí i. A lọ. Wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo ṣúgà, dókítà bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí àìsàn kan. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan.

Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, àfi ìgbà tí tèmi kù díẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba ni pé kí òṣìṣẹ́ fi oṣù mẹ́ta sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ, inú oṣù mẹ́ta náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó wá fi ìyókù to ìwé wọn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a lọ, ìwé owó ìfẹ̀yìntì ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹja àrọ̀ àti ìgbín sísìn ló tẹ̀ lé e. (Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún ìjọba pé gbogbo ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ló fẹ́ sin ìgbín.) Àmọ́ olùkọ́ kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ni, tó sọ ìtàn abúlé kan fún wa ní orílẹ̀-èdè Austria, Marienthal lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé náà gbójú lé, ilé iṣẹ́ ọ̀hún sì kógbá wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1920. Àwọn onímọ̀ kan, tí obìnrin tó ń jẹ́ Marie Jahoda wà lára wọn, lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1931 láti wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé láìsí iṣẹ́. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin ò rí nǹkan kan kọ. Wọ́n á kọ pé àwọn jí, pé àwọn jẹun ọ̀sán, ohun tó wà láàárín méjèèjì ò yé àwọn fúnra wọn. Wọn ò yára rìn mọ́ ní títì, wọn a sì máa dúró lójú ọ̀nà láìnídìí. Wọ́n láyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá ní láíbìrì dín kù. Àwọn obìnrin ò rí bẹ́ẹ̀, torí ilé ṣì wà lọ́rùn wọn: ọmọ, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀.

Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ láíbìrì, páálí ìwé tó wà nínú yàrá wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọdún gbọọrọ ni ọkọ mi fi ń ra ìwé síbẹ̀, tó ń sọ pé, “Bí mo bá rìtáyà ni mo máa kà wọ́n.” Teepu tó fi lẹ páálí náà ṣì wà lórí rẹ̀.

Olùkọ́ náà wá sọ pé yàtọ̀ sí owó oṣù, nǹkan márùn-ún kan wà tí iṣẹ́ ń fún èèyàn tí kò sí ẹni tó ń kà á: ó ń pín ọjọ́ fún wa, ó ń mú wa pàdé àwọn tí kì í ṣe ẹbí wa, ó ń jẹ́ ká lọ́wọ́ nínú ohun tó ju tiwa nìkan lọ, ó ń fún wa lórúkọ láwùjọ, ó sì ń mú ká máa rí nǹkan ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ Jahoda kan náà ni. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; mo ti fi ojú ara mi rí i nínú ilé wa bí márààrún ṣe ń lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo pinnu pé mi ò ní jẹ́ kí tèmi lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọ ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún mi sínú rẹ̀, mi ò kọ ohun tí èmi ń ṣe fún iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí, kó kọ ọ́ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí bó bá ti kúrò, kò ní rántí mọ́, owó nìkan ni yóò rí pé ó dín. Mo kọ aago tí mo jí àti ìdí tí mo fi jí. Mo kọ iye ibi tí ẹsẹ̀ mi dé, láti wọ́ọ̀dù àwọn aboyún dé ilé oògùn, dé yàrá ìkọ̀wé, padà. Mo kọ gbogbo ẹni tó pè mí lórí fóònù àti ohun tó torí rẹ̀ pè. Mo kọ àwọn tó bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo kọ ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìjà náà wà níbẹ̀, torí ìjà ibi iṣẹ́ náà máa ń jẹ́ kí ara yá.

Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Bí a bá yọ àwọn ọmọ mi àti ará ìjọ sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó ń pè mí ló jẹ́ ti ibi iṣẹ́. Kò sí ìrìn kan tí mò ń rìn tí kì í ṣe iṣẹ́ ló rán mi. Ẹni tó ń pè mí ní orúkọ àbísọ mi láyé yìí kò ju ìwọ̀nba lọ. “Mẹ́tírọ́ọ̀nù” ni gbogbo ayé ń pè mí, orúkọ yẹn sì máa dọwọ́ ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo lo ìsinmi ọdọọdún mi láti dán ìfẹ̀yìntì wò. Mi ò rìnrìn àjò, mi ò ṣe ìnáwó, mi ò kun ilé. Mo jókòó sílé bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì gan-an, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní ò sọ nǹkan kan fún èèyàn, torí ìsinmi ni ara ń gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni òótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òwúrọ̀ ò ṣòro, iṣẹ́ ilé àti àdúrà á gbé e lọ. Ìrọ̀lẹ́ náà ò ṣòro, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde. Aago méjì sí aago márùn-ún ọ̀sán ni wàhálà wà. Ìgbà yẹn ni oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ mú jù, tí àdúgbò dákẹ́, tí tẹlifíṣọ̀n di ọ̀rẹ́. Ìgbà yẹn náà ni mò ń sùn, sísùn ọ̀sán yẹn ló sì ń jẹ́ kí n lajú sílẹ̀ di òru.

Ọ̀rọ̀ oorun yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ òru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara wa ti gbàgbé ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo mú aago ìjí kan, mi ò sì yí i padà, ì báà ṣe òru ni mo sùn, ì báà ṣe mi ò sùn. Mo ń jáde síta kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lè kàn mí lójú. Bó bá di dandan kí n rẹjú lọ́sàn-án, mi ò jẹ́ kó ju ìdajì wákàtí lọ, mi ò sì jẹ́ kó kọjá aago mẹ́ta. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara tó gbà, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nínú gbogbo ohun tí ọkọ mi gbìyànjú láti fi dí ọjọ́ rẹ̀, èyí tí òun nìkan ń dá ṣe ò dúró. Ìwé kíkà ò dúró. Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ò dúró. Ọjọ́ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì lóṣooṣù nìkan ni kì í pẹ́ lẹ́yìn, àní kó ti wọ bàtà kí n tó jí, nítorí bí kò bá dé, wọ́n á pè é. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè kan nípa gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ tuntun: bí mi ò bá yọjú lónìí, ta ni yóò wá mi wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò sí,” ohun dáadáa ló lè jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọjọ́ dúró.

Mo fi ìbéèrè yìí yẹ gbogbo ohun tó wà níwájú mi wò, ohun mẹ́ta ló kù.

Èkíní ni ìrìn àárọ̀. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó ń jẹ́ kí èèyàn mí kanlẹ̀, ẹni tó bá sì ti lé ní ọdún 65, kó fi èyí tí yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin kún un, kó má baà máa ṣubú. Mo mọ ìyẹn, mo ti sọ ọ́ fún àìmọye aláìsàn. Mímọ̀ ọ́n ò gbé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rí. Ohun tó ń gbé mi ni obìnrin méjì tó ń dúró dè mí ní kọ́nà lẹ́yìn aago mẹ́fà, tí ọ̀kan nínú wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí mo bá pẹ́, ojú fèrèsé mi ló máa wá: “Mọ́mì! Ṣé ẹ ti kú ni?” Gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Èkejì ni iṣẹ́ aṣọ rírán, èyí ni mo fi dí ọ̀sán Túsìdeè àti Tọ́sìdeè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ibi tí èmi yóò ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi mí ní nǹkan kan. Arán-aṣọ tó ń kọ́ mi kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí Tákìé. Ó kọ́kọ́ ń tijú mi, ó ń sọ pé, “Mà, ẹ fi sílẹ̀, mo máa bá yín ṣe é.” Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé yóò rọrùn fún mi, torí mo ti fi abẹ́rẹ́ rán ibi tó ya lára ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ, ojú rẹ̀ sì jiná dáadáa. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ò mọ ìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn dípò iwájú, àgbá tó ń yí lápá ọ̀tún máṣíìnì á yí òdì, òwú á lọ́, á já pẹ́, á sì di kóńkó sísàlẹ̀ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí àgbá ọ̀hún díẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ ẹni kí ẹsẹ̀ tó gbà á. Orí páálí sìmẹ́ńtì ni mo ti kọ́kọ́ rán, láìsí òwú, ihò abẹ́rẹ́ nìkan ni à ń wò bóyá ó lọ tààrà. Tèmi ń wọ́ bí ọ̀nà oko. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín mi, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo rán ìrọ̀rí àkọ́kọ́, ọ̀gá mi kékeré yìí tú u lójú mi, ó ní ojú rírán rẹ̀ ò dọ́gba. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tú iṣẹ́ mi.

Ẹ̀kẹta ni tábìlì tí mo ti ń wọn ìfúnpá àwọn èèyàn ní àárọ̀ Sátidé. Èyí ò wá láti inú ọgbọ́n mi, àwọn aládùúgbò ló mú un wá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ di ilé ìwòsàn lójú wọn. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn lóru, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà ní ilé oògùn wá pé kí n gún àwọn, wọ́n á gbé ìyàwó tó ń rọbí wá. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó gbà, tí kò sì sùn dáadáa mọ́ títí ó fi kó lọ sí ìlú mìíràn. Èmi ti pinnu kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́: mi ò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ nílé, mi ò sì gbẹ̀bí nílé. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi dá a dúró gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, ó sì lè gba pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Èwo nínú rẹ̀ ló wà ní fàràńdà mi? Ohun tí mo lè ṣe láìpa ẹnikẹ́ni lára ni mo mú, mo sì fún un ní ọjọ́ àti àkókò: aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, Sátidé nìkan.

Mo ṣe é bó ṣe yẹ kó rí, torí ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n kánmọ́kánmọ́ irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá dé á kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ á kan àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá á wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Bó bá ti jẹ obì tàbí mu kọfí láàárín ìdajì wákàtí, kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí onítọ̀hún yóò mú lọ fún dókítà rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ sókè léraléra, mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí àyà ń dùn ún tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, kò ní padà sílé, ilé ìwòsàn là ń gbé e lọ tààrà. Mi ò kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ìjókòó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọjà.

Ohun mẹ́ta yìí nìkan ni mo mú, mo sì fi ọjọ́ yòókù sílẹ̀ láìdè. Ìjọ fẹ́ kó mi sí ìgbìmọ̀ gbogbo. Bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n gbà pé kò ní nǹkan tó ń ṣe. Mo gba ọ̀kan, mo dá ìyókù padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Èkó ní kété tí mo fẹ̀yìn tì, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ò níṣẹ́ mọ́ báyìí, ẹ kúkú máa gbé lọ́dọ̀ wa.” Mo fẹ́ lọ. Ìyá wo ni kò ní lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn obìnrin tó lọ, tí ọdún fi yí lórí wọn níbẹ̀, tí wọn ò mọ ojú ọ̀nà jù ìta ilé ọmọ wọn lọ, tí kò sì sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n ní kọ́nà mọ́ nígbà tí wọ́n padà sílé. Kí n tó di ẹrù mi láti lọ, mo sọ ọjọ́ tí mo máa padà fún òun àti ọkọ rẹ̀. Mo sọ ọjọ́ náà fún àwọn obìnrin ìrìn àárọ̀ mi pẹ̀lú, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀gá arán-aṣọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí ọmọ mi fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

Bàbá ńkọ́? Ìwé ìkọ̀wé mi ló mú, ó kà á, ó dákẹ́. Oko kaṣú rẹ̀ ni a jọ wò lákọ̀ọ́kọ́. Kaṣú dára, àmọ́ ìgbà ló ní. Láti nǹkan bí oṣù Èrèlé títí wọ inú oṣù Igbe lèso ń já bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n já kóró kúrò lára èso rẹ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tà á. Oṣù Ọ̀pẹ, iṣẹ́ tún wà: kí wọ́n ro ẹ̀bá oko mọ́ tónítóní kí iná ọyẹ́ má baà ràn wọ inú rẹ̀. Láàárín méjèèjì, kò sí ohun púpọ̀ tó ń retí olóko. Ìdí nìyẹn tí oko náà ò fi gbà á lọ́wọ́ fàràńdà: inú òjò, nígbà tí ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, kaṣú ò nílò rẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé ó mú tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì mọ́ra, wọ́n jọ ń lọ sóko ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, wọ́n sì ń gbin ẹ̀gẹ́ sí apá ibi tí kaṣú ò tíì bò, kí ìdí lílọ má baà tán nínú òjò. Èyí tó wá gbà á là gan-an kò sí lóko. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ọjà kan ní wàhálà ìṣirò, ìwé owó tí wọ́n dá àti ìwé owó tí wọ́n yá jáde ò bára mu. Ẹnìkan rántí pé ọkùnrin kan ń gbé ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó fi aṣọ nu tábìlì, ó bọ́ aago ọwọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà pupa. Ó rí i pé èlé tí àwọn kan san ni wọ́n kọ síbi owó ìdákowó, kò sí ẹni tó jalè. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń gbé ìwé fún kí ìpàdé oṣù tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í ṣí ìpàdé bí kò bá tíì dé. Owó tí wọ́n ń fún un ò tó nǹkan. Kò bá mi jà nítorí gílóòbù mọ́.

Àwa méjèèjì ló ti wà nílé báyìí, ìyẹn náà gba àdéhùn. A jọ ń jẹun àárọ̀ ní aago méje ààbọ̀. Láti aago mẹ́sàn-án títí di ìyálẹ̀ta kì í ṣe ìgbà tí ẹnì kan ń bi ẹnì kejì pé, “Níbo lò ń lọ?” Ilé ìdáná, tèmi ni, kó má wo gáàsì. Yàrá iwájú tó kó ìwé rẹ̀ sí, mi ò gbá a, mi ò to nǹkan níbẹ̀. Páálí ìwé ọ̀hún, ó ti tú teepu rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ń kà báyìí, nítorí òun àti tíṣà yẹn jọ ń jiyàn lórí rẹ̀ lọ́nà oko.

Ohun tó kù tí mò ń tò ni ti orúnkún mi. Ó ti ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mi ò ní lè tẹ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, tí ìrìn àárọ̀ yóò sì kúrú. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá ó lè kọ́ mi ní ojú bọ́tìnì fífi ọwọ́ rán, èyí tí èèyàn lè jókòó ṣe. Ó gbà. Nípa tábìlì Sátidé, nọ́ọ̀sì kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ti ń wá jókòó tì mí. Òun ló ń wọ̀n ọ́n, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwa méjèèjì á jọ máa pín Sátidé, ọ̀sẹ̀ yìí èmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun. Mo ti ní kó ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ìsinsìnyí.